Níbo ni Dò Wà? Áàpù Fóònù àti Ẹni tí Ń Dá Kíbọ́ọ̀dù Kọ́ ní Ìlá-Ọ̀ràngún

Ní Ìlá-Ọ̀ràngún àti ní àwọn ìlú Ìgbómìnà yòókù tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, bí Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà, agbára káká ni ènìyàn fi lè rí ìjọ Kirisẹ́ní tí kò wù kí ó ní kíbọ́ọ̀dù. Owó ohun èlò náà ni ìjọ kọ́kọ́ máa ń tù jọ. Ìgbà tí ó bá dé orí tábìlì tán ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wo ojú ara wọn pé ta ni yóò tẹ̀ ẹ́. Olùkọ́ dùùrù kò wọ́pọ̀ ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ bí ó ti wọ́pọ̀ ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn. Nítorí náà, fóònù ni ọ̀dọ́ tí ó bá ní ìfẹ́ sí iṣẹ́ náà máa ń yíjú sí, nítorí pé áàpù tí ó lè kọ́ni ní kíbọ́ọ̀dù tàbí gìtá láìsí olùkọ́ wà níbẹ̀.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ bi ara wọn kì í ṣe bóyá áàpù dára tàbí kò dára. Ohun tí ó yẹ láti mọ̀ ni pé kí ni áàpù ń gbọ́ nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá tẹ kíbọ́ọ̀dù, àti pé kí ni kò lè gbọ́ rárá. Bí èyí bá yé ẹni tí ń dá orin kọ́, yóò mọ ibi tí yóò ti gba ti áàpù àti ibi tí yóò ti da ojú fóònù dé.

Irú áàpù bẹ́ẹ̀ pọ̀. Simply Piano wà fún dùùrù. Yousician, tí ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland ṣe, wà fún gìtá àti dùùrù. Ní ti Perfect Piano, ojú fóònù fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ di kíbọ́ọ̀dù. Àwọn ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ ọ̀fẹ́, lẹ́yìn náà ni a óò máa san owó ní oṣooṣù tàbí lọ́dọọdún. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ni kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Áàpù yóò fi ìró tí ó kàn hàn lójú fóònù, akẹ́kọ̀ọ́ yóò tẹ̀ ẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, bí ó bá tọ̀nà, àwọ̀ kan yóò tàn. Bí kò bá tọ̀nà, òmíràn ni yóò tàn.

Ọ̀nà méjì ni áàpù ń gbà mọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀. Èkíní ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn inú fóònù. Ìró dùùrù kọ̀ọ̀kan ní iye ìgbà tí ó fi ń mi afẹ́fẹ́ láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan; ìró A tí ó wà lókè C àárín máa ń mì ín ní ìgbà 440. Iye yìí ni áàpù ń wò láti fi dá ìró náà mọ̀. Ó rọrùn fún un bí ìró bá jẹ́ ẹyọ kan. Ó túbọ̀ le bí ìró mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá dún pọ̀, ó sì le jù bí jẹnẹrétọ̀ bá ń kùn lẹ́yìn fèrèsé, nítorí pé ohùn jẹnẹrétọ̀ a máa bo àwọn ìró ìsàlẹ̀ tí ọwọ́ òsì ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ariwo ń tan áàpù rẹ̀ jẹ, kí ó gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù, kí ó sì máa wo ojú fóònù. Bí áàpù bá ń gba ìró wọlé nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tẹ nǹkan kan, ẹ̀bi kì í ṣe ti ọwọ́ rẹ̀. Ohun kan tún wà: ẹni tí ń tẹ̀ tí ó sì ń kọrin pẹ̀lú lè rí i pé áàpù ń ka ohùn ẹnu rẹ̀ mọ́ ìró ọwọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì fún olùtẹ kíbọ́ọ̀dù inú ìjọ pé kí ó lè kọrin bí ó ti ń tẹ̀.

Ọ̀nà kejì sàn ju ìyẹn lọ. Ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù òde òní ní ojú ihò kan lẹ́yìn tí a kọ USB TO HOST sí lára. Bí a bá fi okùn so ó mọ́ fóònù, áàpù kò ní máa fetí sílẹ̀ mọ́. Kíbọ́ọ̀dù ni yóò máa sọ fún un ní tààrà pé ojú ìtẹ̀ báyìí ni ọwọ́ bà. Èdè tí àwọn ohun èlò méjèèjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni MIDI, tí ó jáde ní ọdún 1983. Nínú èdè yìí, ojú ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. C àárín ni 60. Ojú ìtẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ìbáà ṣe funfun tàbí dúdú, ni 61. Báyìí ni yóò ṣe máa lọ. Ẹ jẹ́ kí á pe ìrìn láti ojú ìtẹ̀ kan sí èyí tí ó fara kàn án ní ìṣísẹ̀ kan. Ariwo jẹnẹrétọ̀ kò rí MIDI gbé ṣe.

Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ gbé le gan-an wà níwájú. Ẹ jẹ́ kí á mú orúkọ ìlú náà fúnra rẹ̀, Ìlá Ọ̀ràngún. Gbogbo ẹni tí ó ti kọ́ èdè Yorùbá ní kíláàsì ni ó mọ̀ pé a máa ń fi dò, re, mí ṣe àmì ohùn. Dò ni ohùn ìsàlẹ̀, re ni ohùn àárín, mí ni ohùn òkè. Nítorí náà, Ìlá jẹ́ dò mí, Ọ̀ràngún sì jẹ́ dò dò mí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi C ṣe dò, E ni yóò jẹ́ mí, nítorí pé ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni ó wà láàrin dò àti mí. Ohun tí yóò tẹ̀ ni C E, C C E. Nọ́ńbà tí MIDI yóò sì fi ránṣẹ́ ni 60 64, 60 60 64.

Ká wá sọ pé ó tún un tẹ̀, tí ó sì fi F ṣe dò. Yóò di F A, F F A, èyí tí í ṣe 65 69, 65 65 69. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọdún márùn-ún kan ní Ìlá gbọ́ méjèèjì, yóò ní orúkọ kan náà ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀kọ́ tí áàpù gbé kalẹ̀ bá wà ní kíì C, ìró márààrún ni yóò sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ṣì. Áàpù kò purọ́. Nọ́ńbà ni ó ń bá nọ́ńbà wé, kò bá orin wé orin. Ohun tí ó sì jẹ́ orin létí ènìyàn kì í ṣe nọ́ńbà 60 tàbí 65; ìṣísẹ̀ mẹ́rin tí ó wà láàrin ìró méjì náà ni.

Èyí kì bá má jẹ́ nǹkan bí kò bá ṣe bí a ti ń kọrin nínú ìjọ. Ìyá kan yóò dìde láàrin ìjọ, yóò gbé orin. Kò ní sọ kíì fún ẹnikẹ́ni, kò tilẹ̀ mọ orúkọ kíì. Ibi tí ohùn rẹ̀ bá balẹ̀ sí ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni kíì. Ó lè jẹ́ A♭. Ọ̀dọ́ tí ó ti fi oṣù mẹ́fà tẹ̀ lé áàpù, tí ó sì mọ orin ogún ní kíì C, yóò wá jókòó tì í bí àlejò. Bí ó bá fi ìgboyà tẹ C gẹ́gẹ́ bí dò, ariwo ni yóò bẹ́ sílẹ̀, nítorí pé C kì í ṣe dò mọ́ ní A♭, mí ni. Ẹ wo ojú ìtẹ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 72, èyí tí í ṣe C tí ó wà lókè C àárín. Ní kíì C, dò òkè ni. Ní kíì F, sò ni. Ní kíì A♭, mí ni. Ojú ìtẹ̀ kò kúrò níbi tí ó wà, iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú orin ni ó yí padà. Èyí ni ọ̀pọ̀ áàpù kì í kọ́ni, nítorí pé C, D, E ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ojú ìtẹ̀, kì í ṣe dò, re, mí.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ọmọ Yorùbá tí ó ti inú akọrin wá ní ohun tí áàpù kò ní. John Curwen, oníwàásù ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó mú ìlànà sólífà gbilẹ̀ ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, lórí ìpìlẹ̀ tí obìnrin olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Sarah Glover fi lélẹ̀ ní ìlú Norwich. Nínú ìlànà náà, dò kò ní ilé kan pàtó. Ibikíbi tí a bá gbé orin sí ni dò ń lọ. Sólífà yìí ni àwọn ẹgbẹ́ akọrin wa fi ń kọ́ orin títí di òní olónìí, òun náà sì ni olùkọ́ èdè mú wọ inú kíláàsì. Ẹni tí ń dá kíbọ́ọ̀dù kọ́ máa ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ó bá ṣí áàpù, bí ẹni pé ohun àtijọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó yẹ kí ó rí.

Báwo ni olùtẹ̀ yóò ṣe rí dò nígbà tí ìyá náà bá gbé orin? Kí ó má wá ìró tí orin fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé orin lè bẹ̀rẹ̀ lórí sò tàbí mí. Kí ó dúró de ibi tí ohùn ti sinmi ní ìparí, nítorí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin ìjọ ń sinmi lórí dò. Kí ó fi imú kùn ún. Kí ó dín ohùn kíbọ́ọ̀dù kù, kí ó sì fi ìka kan ṣoṣo máa gòkè ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí ìró yóò fi bá ohun tí ó ń kùn mu. Bí ó bá rò pé òun ti rí i, kí ó ka ìṣísẹ̀ mẹ́rin gòkè, mí nìyẹn. Kí ó ka méje láti dò, sò nìyẹn. Kí ó tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lábẹ́ orin. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé kí a mú sò ní dò. Ohun tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni pé nígbà tí orin bá parí, yóò dàbí ẹni tí ó dé ẹnu ọ̀nà tí kò wọlé.

Bí dò bá ti dájú, ìyókù jẹ́ ìṣirò kékeré. Láti dò dé dò òkè, ìṣísẹ̀ tí ó wà láàrin àwọn ìró náà ni 2, 2, 1, 2, 2, 2, 1. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti A♭, a óò rí A♭, B♭, C, D♭, E♭, F, G, a óò sì padà sí A♭. Kọ́ọ̀dù mẹ́ta ni ó tó gbé ọ̀pọ̀ orin ìjọ: dò mí sò, fá là dò, àti sò tí re. Ní A♭, èkíní jẹ́ A♭ C E♭, èkejì D♭ F A♭, ẹ̀kẹta E♭ G B♭. Ẹni tí ó bá ti mọ̀ wọ́n ní dò-re-mí kò nílò kí ó há wọn sórí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún kíì méjìlá. Lóòótọ́, nígbà mìíràn ohùn ìyá náà lè bọ́ sí àárín ojú ìtẹ̀ méjì. Kí olùtẹ̀ mú èyí tí ó sún mọ́ ọn jù, ohùn ìjọ yóò sì tẹ̀ lé e kí ẹsẹ kejì tó dé.

Àwọn kan yóò sọ pé, kí ni gbogbo wàhálà yìí, ṣebí bọ́tìnnì TRANSPOSE wà lára kíbọ́ọ̀dù. Òtítọ́ ni. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì náà lọ sí −4, ọwọ́ yóò máa tẹ C, etí yóò sì máa gbọ́ A♭. Ọ̀pọ̀ olùtẹ̀ ń fi í jẹun, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ibi tí dò wà kò lè mọ iye tí yóò tẹ̀ bọ́tìnnì náà dé. Etí ni yóò kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ kí bọ́tìnnì tó lè ṣiṣẹ́. Ó sì ní jàǹbá kan tí ó máa ń dààmú ẹni tí ń lo áàpù. Bí ẹnìkan bá lo kíbọ́ọ̀dù ní ọjọ́ ìsinmi tí ó sì fi TRANSPOSE sílẹ̀ ní −4, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá padà sídìí áàpù láìpa kíbọ́ọ̀dù náà kí ó tún un tàn yóò rí i pé gbogbo ohun tí òun ń tẹ̀ ni áàpù ń kọ̀. Yóò rò pé fóònù ti bàjẹ́. Kí ó kọ́kọ́ wò bóyá nọ́ńbà TRANSPOSE wà ní 0.

Ohun kejì tí áàpù kò mọ̀ ni ìka. Nọ́ńbà 65 tí MIDI fi ránṣẹ́ kò sọ bóyá àtàńpàkò ni ó tẹ F tàbí ìka ìlábẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ dùùrù, àtàńpàkò ni 1, ìka kékeré sì ni 5. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá ń gòkè ní kíì C, 1, 2, 3 ni yóò tẹ C, D, E, lẹ́yìn náà àtàńpàkò yóò gba abẹ́ ọwọ́ kọjá láti tẹ F. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi ìka méjì péré fò láti ojú ìtẹ̀ kan sí òmíràn lè gba máàkì tí ó pé lọ́dọ̀ áàpù, níwọ̀n ìgbà tí orin bá ń lọ jẹ́jẹ́. Àmì tí a ó fi mọ̀ pé ìka ti kọ́ ọ̀nà àìtọ́ ni pé bí orin bá yá díẹ̀, ọwọ́ yóò máa kọsẹ̀ níbì kan náà nígbà gbogbo, pàápàá ní ìró kẹrin. Ní A♭ ìlànà náà yí padà: 3, 4 lórí A♭ àti B♭, kí àtàńpàkò tó bọ́ sórí C. Ojú ni ó lè rí èyí. Nítorí náà, ó tó kí akẹ́kọ̀ọ́ bẹ ẹlòmíràn kí ó fi fóònù kejì ya fídíò ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ó sì fi í wé èyí tí áàpù fi hàn.

Ẹ̀kẹta ni sùúrù áàpù, tí ó pọ̀ jù. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣì, orin yóò dúró dè é. Ìjọ kì í dúró, bẹ́ẹ̀ ni onílù kì í dúró. Ẹni tí ó ti mọ́ lára láti dúró ní ibi àṣìṣe yóò rí i pé ìjọ ti dé ẹsẹ kejì kí òun tó tún ọwọ́ òun ṣe. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ pa ìdúródeni náà, bí áàpù rẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀. Kí ó dín ìyára orin kù, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ kí orin dúró rárá, àní bí ó bá fo ìró mẹ́ta.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìlá bá ní ogún ìṣẹ́jú lóòjọ́ kí bátìrì tó kú, kò burú bí ó bá fi mẹ́wàá tẹ̀ lé áàpù, nítorí pé áàpù a máa fi ìdánilójú kọ́ni ní orúkọ àwọn ojú ìtẹ̀, kíka àmì orin, àti bí ọwọ́ méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Lẹ́yìn náà kí ó da ojú fóònù dé. Kí ó mú ìlà orin kan ṣoṣo nínú ohun tí áàpù ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ, kí ó fi dò-re-mí kọ ọ́ lẹ́nu, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ ní C, ní F, àti ní A♭. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ìlà kan yìí lè gba ìṣẹ́jú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ìdánwò rẹ̀ kò ṣòro láti ṣe: kí ó ní kí àbúrò rẹ̀ gbé orin kan láti inú yàrá kejì, kí òun sì wá dò kí orin náà tó parí.

Ti gìtá yàtọ̀ díẹ̀. Iṣẹ́ tí áàpù mọ̀ ọ́n ṣe jù níbẹ̀ ni títún okùn ṣe kí ó tó dún bí ó ti yẹ, nítorí pé okùn kan ṣoṣo ni a ń ta lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì lè dá a mọ̀ kedere. Ní ti kíì, onígìtá lè fi ìdè kékeré kan di gbogbo okùn mọ́ ọrùn gìtá, kí ó sì máa tẹ kọ́ọ̀dù tí ó ti mọ̀. Ìbéèrè ibi tí dò wà kò kúrò níbẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀.

Ó ku ohun kan tí kì í ṣe ẹ̀bi áàpù nìkan. T. K. Ekundayo Phillips, tí ó fi ọdún púpọ̀ tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kírísítì ní Èkó, tẹ ìwé kan jáde lórí orin Yorùbá ní ọdún 1953. Ọ̀kan nínú ohun tí ó jẹ ẹ́ lógún ni pé kí orin má tako ohùn ọ̀rọ̀, kí ó má baà sọ ìtumọ̀ nù. Orin tí ó bá ti ilẹ̀ òkèèrè wá sínú áàpù kò ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lórí. Ṣùgbọ́n àní bí dò àti mí bá tilẹ̀ tọ̀nà, ẹ tún gbọ́ Ìlá bí ọmọ Ìlá ti ń pè é. Nígbà tí ohùn òkè bá tẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀, kì í fò síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń yọ́ gòkè. Onídùndún mọ èyí: bí ó ti ń fún ọṣán ìlù rẹ̀ lábẹ́ apá ni ìró ń yọ́ láti dò lọ sí mí. Láàrin 60 àti 64, ojú ìtẹ̀ mẹ́ta péré ni kíbọ́ọ̀dù ní, olúkúlùkù sì dá dúró. Àwọn kíbọ́ọ̀dù kan ní kẹ̀kẹ́ kékeré kan lápá òsì tí a lè fi yọ́ ìró gòkè tàbí sísàlẹ̀. Àwọn ẹ̀kọ́ áàpù kì í sábà dé ìdí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ mọ bí yóò ti gbé e, àti bí yóò ti yá tó, kí ó gbé kíbọ́ọ̀dù náà lọ bá onídùndún kan ní àdúgbò, kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ kí i, kí ó sì bẹ̀ ẹ́ pé, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ìlù pe Ìlá," kí ó máa tẹ̀ lé e títí tí bàbá náà yóò fi mi orí.